Omi Tí Gbogbo Wa Jọ Ni: Ìtàn Abúlé Apẹja Méjì

Rẹ́mọ kò ní òkun. Ará Ìkẹ́nnẹ́ mọ odò Úrẹ́n, ará Ṣàgámù mọ odò Ìbù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹja tó ń wọ ọjà wa, omi mìíràn ló ti wá. Ó pẹ́ tí ẹja tútù àti ẹja yíyan ti ń gòkè bọ̀ láti etí ọ̀sà, láti ọ̀nà Ìkòròdú, ìlú tí ìtàn sọ pé ọmọ Akárìgbò kan ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹrù oko ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹja ń gòkè wá.

Bí ẹja náà bá wá ń kéré sí i, tí owó rẹ̀ sì ń lé sí i, ẹni tó sún mọ́ wa jù là ń dá lẹ́bi. A ní alájàpá ti di ọ̀dájú, tàbí a ní àwọn apẹja òde òní ti ya ọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí kò ní ọ̀lẹ nínú, tí kò ní ọ̀dájú nínú, tó sì lè sọ omi ẹlẹ́ja di omi òfìfo níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ kára, tí kálukú sì ń ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu fún ilé rẹ̀. Ìtàn abúlé méjì ni mo fẹ́ fi là á yé wa. Àlọ́ ni apá kìíní, kí ẹnikẹ́ni má wá orúkọ àwọn abúlé náà lórí máàpù. Apá kejì ṣẹlẹ̀ lójú ayé, a sì mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Àwọ̀n kejì

Orúkọ abúlé kìíní ni Ẹ̀bádò. Etí ọ̀sà ló wà, níbi tí omi ti ya wọ inú ilẹ̀. Baálé ilé 10 ló ń pẹja níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ọkọ̀ kan àti àwọ̀n kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á wa ọkọ̀ lọ dẹ àwọ̀n sílẹ̀. Ní ìdájí, wọ́n á lọ fà á sókè. Ẹ̀pìyà àti òbòkún ni wọ́n ń pa jù. Àwọn ìyàwó wọn á ti dúró sí èbúté pẹ̀lú agbọ̀n, ẹja tútù á lọ sọ́jà, èyí tó bá kù á lọ sórí ààrò.

Ẹja tí omi lè yọ̀ǹda lójúmọ́ ní ìwọ̀n. Bí àwọ̀n bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni èyí tó ń bọ́ sínú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń dín kù, nítorí ẹja kan náà ni gbogbo wọn ń dú. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tó rọrùn gbé e. Nígbà tí àwọ̀n 10 wà nínú omi, àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń kó ẹja 20 kílò lóòjọ́. Àwọ̀n tuntun kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé á mú kílò 1 kúrò nínú ohun tí gbogbo àwọ̀n tó kù ń kó. Epo, okùn, àtúnṣe ọkọ̀ àti àwọ̀n fífà wá ń jẹ owó ẹja 6 kílò lórí àwọ̀n kan. Èyí tó ṣẹ́ kù fún ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 14. Bí a bá ro ti ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, 140 ni èrè abúlé lóòjọ́.

Bàbá kan wà nínú wọn tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó yá owó, ó ra àwọ̀n kejì. Àwọ̀n inú omi di 11, àwọ̀n kọ̀ọ̀kan sì wá ń kó 19 kílò. Òun kó 38. Nígbà tí ó yọ ìnáwó àwọ̀n méjèèjì, 26 ló kù fún un. Èrè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù sọ̀ kalẹ̀ láti 14 sí 13. Ta ni yóò mọ̀? Ẹni tó kó 19 lónìí lè ti kó 21 ní ìjẹta, kó sì kó 17 lọ́la. Òṣùpá ni yóò dá lẹ́bi, tàbí ìjì àná.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ìtàn yìí fara pamọ́ sí. Àwọ̀n kọkànlá yẹn kò tilẹ̀ ba abúlé jẹ́. Bí a bá ro èrè gbogbo ilé pọ̀, ó kúrò ní 140, ó di 143. Bí ẹnì kan bá tún fi àwọ̀n kejìlá sí i, á di 144, kò sì tún ní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Láti orí àwọ̀n kẹtàlá lọ ni àròpọ̀ èrè abúlé yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lójú omi tó ń sọ pé ibí lẹ dé. Ìwúrí ni gbogbo èèyàn ń rí: bàbá yẹn ra àwọ̀n, ọmọ rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́.

Nínú ilé kejì, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí oúnjẹ alẹ́.

“Bàbá Ìyábọ̀, ṣé àwa nìkan la ó máa fi àwọ̀n kan ṣoṣo ṣe é ni?”

“Mo ti rò ó. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí gbogbo wa bá ra àwọ̀n kejì, ẹja inú omi yìí kò ní tó wa.”

“Bẹ́ẹ̀ bá ni, tí ẹ kò bá rà á, ṣé àwọn yòókù kò ní rà á? Ẹja tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú omi lálẹ́ òní, àwọ̀n ta ni yóò bá a lówùúrọ̀ ọ̀la?”

Bàbá Ìyábọ̀ kò rí èsì fọ̀, nítorí òtítọ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ. Ẹja tí èèyàn bá dá sí nínú omi tí kò ní òfin, kò tíì tọ́jú rẹ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀. Ó kàn fi ta ọmọnìkejì lọ́rẹ ni. Ó ra àwọ̀n kejì. Ẹni kẹta rà á, ẹni kẹrin rà á. Kí ọdún tó yí po, àwọ̀n 20 ti wà nínú omi.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n dé. Àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń kó 10 kílò. Ẹni tó ní méjì ń kó 20, iye tó ń kó gan-an nígbà tó ní ẹyọ kan. Ìnáwó ti di 12 dípò 6, nítorí náà kílò 8 ló ń ṣẹ́ kù fún ilé kan, dípò 14. Èrè gbogbo abúlé ti bọ́ láti 140 sí 80. Iṣẹ́ di ìlọ́po méjì, èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdajì, gbèsè àwọ̀n sì wà lọ́rùn.

Kí ló dé tí wọn kò fi padà sẹ́yìn? Ká ní Bàbá Ìyábọ̀ sọ pé òun á ṣe ohun tó dára, tó yọ àwọ̀n kejì rẹ̀ kúrò. Àwọ̀n á di 19, kọ̀ọ̀kan á sì máa kó 11. Òun á kó 11, á yọ 6 fún ìnáwó, á ku 5. Àwọn yòókù á wá ní 10 lórí 8 wọn. Èèyàn rere yìí ti sọ ara rẹ̀ di òtòṣì, ó sì fi ìyà ara rẹ̀ sọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ di ọlọ́rọ̀. Ká tún wá ní ó ṣe òdìkejì, tó ra àwọ̀n kẹta: àwọ̀n á di 21, kọ̀ọ̀kan á máa kó 9, òun á kó 27, á yọ 18, á ku 9. Mẹ́sàn-án ju mẹ́jọ lọ. Àní nígbà tí omi ti ń gbẹ lójú wọn yìí, ìṣirò ilé kọ̀ọ̀kan ṣì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi àwọ̀n kún àwọ̀n.

Títí dé ibí yìí, a kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ iwájú ẹja fúnra rẹ̀. Nígbà tí owó kò wọlé mọ́, àwọn kan ní Ẹ̀bádò ra àwọ̀n olójú kéékèèké, irú èyí tí ẹja tó tó ìka ọwọ́ kò lè gbà kọjá. Ìwọ̀n tí wọ́n ń kó lóòjọ́ lọ sókè fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí ni wọ́n ń kó. Irú ẹ̀pìyà kan tó pọ̀ nínú ọ̀sà wa sì ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo apẹja mọ̀: akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu, títí ẹyin á fi pa, tí àwọn ọmọ á fi lè dá wẹ̀. Bí àwọ̀n bá gbé akọ kan sókè lásìkò yẹn, á pọ ẹyin dà sínú ọkọ̀. Ẹja kan ni wọ́n máa tà lọ́jà; ìran kan ló ti ṣègbé. Láti ìgbà yẹn, omi tó lè yọ̀ǹda 200 kílò fún wọn lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ àwọ̀n 10 tàbí 20 ni wọ́n dẹ sínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé rí

Ìṣirò tí a ṣe yìí kì í ṣe tuntun. Ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé kan ní Kánádà, H. Scott Gordon, ló ti fi ìpẹja ṣàlàyé rẹ̀ ní 1954: níbi tí omi bá ti wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, àwọn èèyàn á máa wọ inú rẹ̀ títí ìnáwó á fi jẹ èrè tán. Èyí tó wá gbayé kan ni àpilẹ̀kọ tí onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí kan ní Amẹ́ríkà, Garrett Hardin, kọ ní oṣù Kejìlá 1968. Pápá ìjẹko ló fi ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí darandaran kọ̀ọ̀kan ti ń fi màlúù kan kún màlúù, títí koríko fi tán. Àjálù ohun àjọni ló pè é. Lójú Hardin, ọ̀nà àbáyọ kò ju méjì lọ: kí ìjọba gba ohun náà sí ọwọ́ kó sì máa fi agbára ṣọ́ ọ, tàbí kí wọ́n pín in, kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní olówó.

Ẹni tó ti gbé ní agbo ilé rí á ti máa bi í léèrè pé àwọn tó jọ ni ín ńkọ́. Ṣé wọn kò ní ẹnu ni? Ìbéèrè yìí ni obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Elinor Ostrom, lo ọ̀pọ̀ ọdún lé lórí. Ó kó ìròyìn jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi nípa igbó, omi ìbomirin àti omi ẹja tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣàkóso fúnra wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan ní 1990. Ní 2009, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé. Nínú ìwé rẹ̀ ni a ti rí ìlú apẹja méjì tó jẹ́ pé, ká ní àlọ́ ni, a ó sọ pé wọ́n dọ́gbọ́n ṣe é ni. Orílẹ̀-èdè Tọ́kì ni ìlú méjèèjì wà, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fikret Berkes ló sì ṣe ìwádìí wọn.

Bodrum àti Alanya

Bodrum ló ṣe bí Ẹ̀bádò. Títí di nǹkan bí 1970, nǹkan ń lọ déédéé fún àwọn apẹja ibẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ṣe dáadáa. Ìjọba wá gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n kan ọkọ̀ ńláńlá tó ń fa àwọ̀n gbá ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn tó kọ́kọ́ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rówó, ìyẹn ló sì fa ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé lẹ́yìn wọn. Òfin wà pé ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ pẹja ní ibi tí kò tó máìlì 3 sí etí òkun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bìkítà, àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tún dé, àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé wọn kiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja láti bọ́ wọn. Ẹja tí gbogbo ìlú ń kó kọ́kọ́ lọ sókè, ṣùgbọ́n èyí tó ń kan ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń já wálẹ̀, títí ìnáwó fi ju owó tó ń wọlé lọ. Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ti tú ká.

Alanya kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí 100 apẹja ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn nínú ọkọ̀ tó ń gba ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ náà gbóná. Ojú ibi tí ẹja pọ̀ sí ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, ìjà ń ṣẹlẹ̀ lórí omi, ẹni tó bá sì pẹ́ dé á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú náà wá jókòó, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀. Kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ètò náà rèé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo apẹja tó ní ìwé àṣẹ ní Alanya, yálà ó wà nínú ẹgbẹ́ tàbí kò sí. Wọ́n á tún kọ orúkọ gbogbo ojúkò tí àwọn apẹja ń lò, wọ́n sì ti jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó, kí àwọ̀n ẹnì kan má bàa dí ẹja mọ́ ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Ojúkò tó bá bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ ni yóò ti pẹja ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn á sún síhà ìlà-oòrùn sí ojúkò tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa sún lójoojúmọ́ títí di oṣù Kìíní. Láti oṣù Kìíní títí di oṣù Karùn-ún, wọ́n á yí padà, wọ́n á máa sún síhà ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹja tí wọ́n ń pa máa ń wẹ̀ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn nígbà àkọ́kọ́, á sì tún padà nígbà kejì. Nítorí náà, gbogbo apẹja ní àǹfààní kan náà láti pàdé ẹja.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ètò yìí ni bí ṣíṣọ́ rẹ̀ ṣe rọrùn. Wọn kò gba ọlọ́dẹ, wọn kò ra ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ tí ojúkò tó dára bá kan èèyàn, á jí dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù. Bó bá bá ẹlòmíràn níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ, òun ni yóò sì pariwo, gbogbo àwọn yòókù á sì gbè é lẹ́yìn nítorí ọjọ́ tiwọn náà ń bọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí ni wọ́n ti sábà ń parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń fi ìwé ètò náà, tí gbogbo wọn ti fọwọ́ sí, sí ọ́fíìsì olórí ìlú àti ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró, kí ìjọba lè mọ̀ pé àdéhùn wà. Ìjọba kò ṣe òfin náà fún wọn, ṣùgbọ́n kò tú u ká mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí aládùúgbò bá ń jẹ kòkòrò búburú

Mo fẹ́ ká padà sínú àlọ́ wa, torí pé abúlé kejì ṣì wà níbẹ̀. Ìdí-Àgbọn ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní òdìkejì ọ̀sà. Wọ́n gbọ́n ju Ẹ̀bádò lọ. Wọ́n ṣe ìpàdé nígbà tí ẹja ṣì pọ̀, wọ́n ní àwọ̀n inú omi kò gbọdọ̀ ju 12 lọ, wọ́n ní ojú àwọ̀n gbọdọ̀ fẹ̀ tó ìwọ̀n kan, wọ́n sì fi owó ìtanràn lé e. Ẹja wọn dára. Ibẹ̀ ni ìṣòro tuntun ti wá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí omi Ẹ̀bádò gbẹ, àwọn apẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ sọdá lóru. Ẹja tí Ìdí-Àgbọn ń fi sùúrù tọ́jú, Ẹ̀bádò ń wá kó o. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Àgbọn fi ń bi àgbà léèrè pé ta ni àwọn ń tọ́jú ẹja dè.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òfin abúlé kan kò tó fún omi tí abúlé méjì jọ ń lò. Ìdí-Àgbọn lè lé wọn lóru kan, lóru kejì, ṣùgbọ́n ẹja gan-an kò mọ ààlà. Èyí tó sùn ní Ìdí-Àgbọn lè jí sí Ẹ̀bádò. Ọ̀nà tó kù ni pé kí abúlé méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n ka àwọ̀n gbogbo omi náà pọ̀, kí wọ́n sì pín in láàárín ara wọn. Ìyẹn kò rọrùn. Ẹ̀bádò á ní àwọn ní ọmọ púpọ̀ jù, Ìdí-Àgbọn á ní àwọn kọ́ ló ba omi jẹ́. Síbẹ̀, kò yẹ kí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ọmọ Rẹ́mọ. Ìlú 13 ló para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, ààbò ni wọ́n ń wá nígbà tí ogun gba ilẹ̀ kan, kálukú sì mú orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ dání wá. Àwọn tí ewu kan náà ń dojú kọ ló mọ ìdí tí wọ́n fi gbọdọ̀ jọ sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á sọ pé pípín omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ, gẹ́gẹ́ bí Hardin ti dá a lábàá. Wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nínú ọ̀sà Nokoué ní Bẹ̀nẹ̀, nítòsí Kútọnu, níbi tí àwọn ará Ganvié kọ́lé sórí omi sí, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, títí á fi dà bí igbó kékeré. Àkàjà ni wọ́n ń pè é. Èéhọ̀n á hù sára igi náà, ẹ̀pìyà á wá jẹ ẹ́, á fi ibẹ̀ ṣe ilé, á sì bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan, olówó rẹ̀ á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi, á sì kó ẹja. Ẹni tó ni àkàjà kò ní kó ẹja rẹ̀ kó tó dàgbà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè kó o lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹja tí èèyàn ń rí nínú rẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ṣùgbọ́n àkàjà náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Igi rẹ̀ ń jẹrà, wọ́n á máa ri tuntun lé e lórí, igbó ẹ̀gbá tó wà létí omi sì ni wọ́n sábà ń gé e láti inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Lékè rẹ̀, ibi tí ẹnì kan bá ti ri igi mọ́lẹ̀, ẹni tó ń ju àwọ̀n kò lè jù ú síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó lówó igi á gba omi, ẹni tí kò lówó á máa sún sẹ́yìn. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ léraléra. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní. Pípín lè gba ẹja là, kó sì lé apẹja kúrò lórí omi.

Ti ìjọba ńkọ́? Nàìjíríà ní òfin. Òfin ìpẹja inú omi àárín ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 ka fífi májèlé àti ohun abúgbàmù pẹja léèwọ̀. Òfin mìíràn ní ọdún kan náà lé àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n sẹ́yìn kúrò ní etí òkun, kí ọlọ́kọ̀ kékeré lè ráyè. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n Bodrum náà ní òfin máìlì 3. Ọ̀fíìsà kan kò lè dúró sí gbogbo ẹnu odò ní agogo méjì òru, apẹja tó wà níbẹ̀ kò sì ní fẹjọ́ ẹnì kejì rẹ̀ sùn bí kò bá sí nínú àwọn tó fẹnu kò lórí òfin náà.

Ibì kan wà tí ìjọba nìkan ló lè dé, mi ò sì fẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ ká wá di gbogbo ẹrù lé apẹja lórí. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn tó ń fa yanrìn ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi tí ẹja ń bímọ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyẹ̀fun igi láti ibùdó apákó ti Òkóbàbá fi dà sínú omi kan náà. Apẹja lè fẹnu kò títí dọ̀la, kò lè pe ọkọ̀ afayanrìn wá sí ìpàdé abúlé. Ìpàdé ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń jẹ èrè omi kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ èrè, tí kì í jẹ ìyà, agbára òfin ló ń dá a dúró.

Bí a ṣe ń mọ̀

Àmì tí omi fi ń sọ̀rọ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá ń wò ó. Ìwọ̀n ẹja tí gbogbo abúlé ń kó kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí ìyẹn lè máa lọ sókè nígbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́, bí ó ti rí ní Bodrum. Èyí tó ń bọ́ sínú àwọ̀n kan ṣoṣo ni ká wò. Bí èèyàn bá nílò àwọ̀n méjì láti kó ohun tí bàbá rẹ̀ fi ẹyọ kan kó, omi ti ń sọ̀rọ̀. Ká tún wo bí ẹja ṣe tó lórí àtẹ: ẹja ńlá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni èyí tó kù á máa kéré. Alájàpá mọ̀ ọ́n ṣáájú ọ̀mọ̀wé, torí pé òun ló ń ka iye ẹja tó ń kún agbọ̀n kan. Ẹja 30 tó ń kún agbọ̀n tẹ́lẹ̀ bá ti di 50, agbọ̀n kò yí padà, ẹja ló yí padà.

Bí abúlé kan bá wá fẹ́ ṣe bí Alanya, ìbéèrè mẹ́rin ni ìpàdé wọn kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn wo ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹja nínú omi yìí? Àwọ̀n mélòó ni, irú àwọ̀n wo sì ni? Ta ni yóò rí ẹni tó bá rú òfin, ṣé ẹni tí ó rẹ́ jẹ gan-an wà níbẹ̀ láti rí i? Kí ni ẹni tó jẹ̀bi yóò san, tó máa kéré ní ìgbà àkọ́kọ́, tó sì máa wúwo bó bá tún ṣe é? Níbi tí èsì wọ̀nyí kò bá tíì sí, ìwàásù nípa ọ̀kánjúwà kò lè ran omi lọ́wọ́. Bàbá Ìyábọ̀ kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ó ro ìṣirò rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ sì tọ̀nà.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó ló sì ṣòro jù láti rí, nítorí ìgbà tí ẹja ṣì pọ̀ ni. Nígbà tí àwọ̀n bá di 20, gbogbo èèyàn á ti jẹ gbèsè, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé ti òun ni kí wọ́n yọ. Àwọ̀n kẹtàlá ni kí wọ́n ti jiyàn lé lórí.